Pípín iṣẹ́ òru láàárín àwọn nọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé a jẹ ìsinmi ẹnikẹ́ni

Alábòójútó Wọ́ọ̀dù

Mo kí gbogbo yín o. Nọ́ọ̀sì 12 ni wá ní wọ́ọ̀dù wa, òru kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ènìyàn 2. Ọ̀kan nínú wa lóyún, dókítà sì ti kọ̀wé pé kí ẹlòmíràn má ṣe iṣẹ́ òru mọ́. Nínú àwọn 10 tó kù, ẹnì kan ń ṣe ààbọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, ó ń parí ní aago 2 àbọ̀ ọ̀sán. Ti ọ̀sán jẹ́ aago 2 sí aago 9 àbọ̀ alẹ́, ti òru sì jẹ́ aago 9 alẹ́ sí aago 7 àbọ̀ àárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi rósítà ọlọ́sẹ̀ 4 lé mi lọ́wọ́ ni àwọn kan ti ń sọ pé òru àwọn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé àwọn kò rí oorun sùn. Báwo ni ẹ ṣe ń pín in tí ó fi ń tọ́?

Òkùn Títọ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ la fi ń pín òru. Ẹni 2 á wọ òru ní ọjọ́ Ajé, wọn á ṣe òru 7, wọn á gba ìsinmi ọjọ́ 4, ẹni 2 mìíràn á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ní ènìyàn 10 tó lè ṣe òru, ọ̀sẹ̀ 5 ni yóò fi yí gbogbo yín ká, òru 7 ni yóò sì kan kálukú, ẹnikẹ́ni kò ní ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé oníkálukú ti mọ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sí ẹni tó máa fẹ̀sùn ojúsàájú kan ẹni tó kọ rósítà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Alábòójútó. Kí n tó dáhùn, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa: nínú àwọn 10 tó lè ṣe òru, àwọn mélòó ni wọ́n fọwọ́ sí pé wọ́n lè jẹ́ olórí òru, ìyẹn ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe bí ara aláìsàn bá yí padà kí dókítà tó dé?

Òtítọ́ wà nínú ohun tí Òkùn Títọ́ sọ. Yíyí ọ̀sẹ̀ ká máa ń jẹ́ kí iye òru dọ́gba, ènìyàn sì lè gbára lé e láti ṣètò ilé rẹ̀. Àmọ́ òru 7 tó tẹ̀ léra ti pọ̀ jù. Oorun ojú ọ̀sán kì í jinlẹ̀ bí ti òru, kì í sì í pẹ́ tó o, nítorí náà ohun tó bá ṣẹ́ kù lónìí a máa kún ti ọ̀la. Bí ó bá fi máa di òru kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ ó rí i láàárín aago 3 sí aago 5 ìdájí: nọ́ọ̀sì á ka ìwọ̀n oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dá a lójú, tàbí kí ó kọ ìfúnpá aláìsàn kan sí orí ìwé aláìsàn kejì. Àkókò yẹn ni ara ènìyàn máa ń rẹlẹ̀ jù lọ, ẹni tí oorun kò sì tíì jẹ ní gbèsè nìkan ni yóò bá a kọjá láìfarapa.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ yóò máa ṣe òru 7 bíi ti ẹni tó ń ṣe odindi, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan bá sì wà ní ìsinmi ọdọọdún, ètò náà á dàrú, ẹni tó bá dúró fún un ni yóò sì gbé ẹrù náà.

Alábòójútó Wọ́ọ̀dù

Ẹ ṣeun, Ma. Ẹni 4 péré ni wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn 4 yìí náà ló sì ń pariwo jù lọ nípa òru, mo kàn rò pé nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹjọ́ wọn tọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Òru 28 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ 4, ènìyàn 2 sì ni òru kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, nítorí náà àyè 56 ni ẹ ní láti pín. Àwọn tó máa pín in jẹ́ 9 tó ń ṣe odindi iṣẹ́ àti 1 tó ń ṣe ààbọ̀. Bí a bá ka ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ sí ìdajì ènìyàn, ìpín 9 àbọ̀ ló wà. 56 tí a pín sí 9 àbọ̀ ń fún odindi òṣìṣẹ́ kan ní òru tí kò pé 6 tán, ó sì ń fún ẹni ààbọ̀ ní bíi 3. Tí ẹ bá fún ẹni 8 ní òru 6, tí ẹ fún ẹnì 1 ní òru 5, tí ẹ sì fún ẹni ààbọ̀ ní òru 3, àyè 56 náà ti pé. Ìyẹn ni ìpín tó tọ́, ẹni tó sì gba 5 lónìí ni ẹ kò gbọdọ̀ fún ní 5 nínú rósítà tó ń bọ̀.

Àmọ́ ẹ kò lè rí ìpín yìí ṣe, bí ó ti wù kí ẹ gbìyànjú tó. Gbogbo òru 28 ló gbọ́dọ̀ ní olórí, ẹni 4 péré ló sì lè ṣe olórí. 28 tí a pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 7. Àwọn 4 wọ̀nyí yóò ṣe òru 7 kọ̀ọ̀kan ní dandan, nígbà tí àwọn 5 yòókù yóò ṣe 5 kọ̀ọ̀kan, tí ẹni ààbọ̀ yóò sì ṣe 3. Òru 2 ni wọ́n fi ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú rósítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ rósítà kò ṣe ojúsàájú, bẹ́ẹ̀ àyídà-yidà kankan lórí ìwé kò lè mú un kúrò.

Ohun tó lè mú un kúrò ni kí ẹ ní olórí òru karùn-ún. Tí wọ́n bá di 5, 28 tí a pín sí ọ̀nà 5 kò tó 6, nítorí náà olórí kọ̀ọ̀kan lè ṣe òru 6, tí yóò sì ṣẹ́ ku òru 2 tí olórí 2 máa jọ wà lórí iṣẹ́. Àwọn yòókù á wá gba iye tí mo kà sílẹ̀ lókè. Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ bá kọ́ ni yóò tún òǹkà gbogbo wọ́ọ̀dù ṣe. Títí di ìgbà náà, ẹ sọ fún àwọn 4 yẹn gbangba pé òru wọn pọ̀ jù, kí ẹ sì kọ iye tó fi pọ̀ jù sílẹ̀ lórúkọ wọn, kí wọ́n lè rí i pé ẹ ń kà á.

Ẹyẹ Òru

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ òru. Mo ti ń ṣe òru nìkan láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ó jẹ́ kí n wà nílé nígbà tí àwọn ọmọ mi bá dé láti ilé ìwé, kò sì sí àbẹ̀wò ọ̀gá ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa ṣe òru, ẹ béèrè láàárín ara yín. Ẹ ó rí ẹni bíi tèmi, òru á sì kúrò lọ́rùn àwọn tí kò fẹ́ ẹ.

Òkùn Títọ́

Ohun tí Ẹyẹ Òru sọ yìí gan-an ló yẹ kó jẹ́ ìdáhùn. Bí ẹni 2 bá yọ̀ọ̀da ara wọn fún òru, ìdajì ìṣòro ti lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹyẹ Òru, kì í ṣe ẹni tó máa ṣe òru ni Alábòójútó ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín wúlò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ òru púpọ̀, kí wọ́n fún un, lórí àdéhùn pé ìsinmi rẹ̀ kò ní kéré sí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ràn òru pẹ̀lú ń jẹ gbèsè oorun. Kí àdéhùn náà sì ní ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò, nítorí pé ohun tó rọrùn fún ènìyàn lónìí lè máà rọrùn fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé bí ẹni tó yọ̀ọ̀da ara rẹ̀ kò bá sí nínú àwọn olórí òru, àwọn olórí 4 yẹn kò ní rí ìrọ̀rùn kankan. Òru 7 wọn wà síbẹ̀. Àwọn yòókù ni òru wọn á dín kù, àlàfo tó wà láàárín wọn á sì tún fẹ̀ sí i.

Oorun Kò Tó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí apá kejì ìbéèrè yìí, nítorí pé èmi ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Mo máa ń jáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, rósítà á sì fi hàn pé mo wà ní ìsinmi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Aago 7 àárọ̀ ọjọ́rú, mo ti tún gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní ṣebí mo gba ìsinmi ọjọ́ kan. Ọjọ́ wo nìyẹn? Ojú oorun ni mo fi lo gbogbo rẹ̀, alẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń fi wojú àjà nítorí pé mo ti sùn ní ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbúrò, ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń béèrè. Ọjọ́ tí ènìyàn jáde kúrò nínú òru kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ oorun ni. Ìdí tó fi máa ń dà bí ìsinmi lórí ìwé ni pé àpótí ọjọ́ Ajé la kọ òru tó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ajé sí, àpótí ọjọ́ Ìṣẹ́gun á sì ṣófo, bẹ́ẹ̀ wákàtí 7 àbọ̀ nínú òru náà wà nínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nítorí náà, wákàtí ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka àpótí. Láti aago 7 àbọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí aago 7 ọjọ́rú jẹ́ wákàtí 23 àbọ̀. Ìmọ̀ràn 157 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1977 sọ pé ó yẹ kí wákàtí 12 ó kéré tán wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì, kí ìsinmi ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 48 tó tẹ̀ léra, kí ó má sì wá sílẹ̀ ju 36 lọ lábẹ́ ipòkípò. Ẹ rí i pé wákàtí 23 àbọ̀ yín kọjá 12, nítorí náà wọ́n lè sọ pé àwọn kò rú òfin kankan. Àmọ́ kò sún mọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ rárá, kò sì yẹ kí wọ́n kà á sí i.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń kọ rósítà, lẹ́yìn òru tó kẹ́yìn, wákàtí 48 ni a ń fún ènìyàn. Ẹ wo bí ó ṣe rí lórí aago Alábòójútó. Ẹni tó jáde ní aago 7 àbọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú, bí ó bá padà ní aago 7 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wákàtí 47 àbọ̀ ló gbà. Ààbọ̀ wákàtí ló kù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ kì í sábà parí ní aago 7 àbọ̀ gérégé. Ẹ kọ ọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán ní Ọjọ́bọ̀, ìsinmi rẹ̀ á di wákàtí 54 àbọ̀, ara rẹ̀ á sì rí àárọ̀ kan tí kò ní fi aago jí. Ìyípadà kékeré yìí kò ná wọ́ọ̀dù ní ènìyàn kankan.

Ohun kejì tí ó máa ń jẹ ìsinmi ni iṣẹ́ ọ̀sán tí iṣẹ́ àárọ̀ tẹ̀ lé. Aago 9 àbọ̀ alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 9 àbọ̀ péré, ìyẹn kò sì tó 12, kò tó 11 tí òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù béèrè pàápàá.

Onífọ́múlà

Ẹ kò nílò láti máa fi ojú wá àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí rósítà yín bá wà lórí Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì, tí ọjọ́ 28 wà láti òpó `C` dé òpó `AD`, tí ẹ sì fi `M` dúró fún àárọ̀, `A` fún ọ̀sán, `N` fún òru, `O` fún ìsinmi, fọ́múlà àkọ́kọ́ yìí á ka òru ẹni tó wà ní ìlà 5, èkejì á ka ìgbà tí iṣẹ́ àárọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀sán, ẹ̀kẹta á sì ka irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí Oorun Kò Tó.

```
=COUNTIF(C5:AD5,"N")
=SUMPRODUCT((C5:AC5="A")*(D5:AD5="M"))
=SUMPRODUCT((C5:AB5="N")*(D5:AC5="O")*(E5:AD5="M"))
```

Bí fọ́múlà kejì tàbí ẹ̀kẹta bá fún yín ní ohunkóhun tó ju òdo lọ, ẹ tún ìlà yẹn tò kí ẹ tó lẹ rósítà mọ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Èyí dára púpọ̀, Onífọ́múlà, àfi ibì kan tí ó ti máa ń jò. Òpó `C` ni ọjọ́ kìíní rósítà tuntun. Ẹni tó ṣe òru tó kẹ́yìn nínú rósítà àtijọ́, tí a sì kọ sí iṣẹ́ àárọ̀ ní ọjọ́ kejì rósítà tuntun, fọ́múlà yìí kò ní rí i, nítorí pé `N` náà wà lórí ìwé mìíràn. Ibi ìsopọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ìsinmi ti máa ń wá, nítorí pé ẹni tó ń kọ rósítà tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé tó mọ́. Ẹ fi òpó 3 síwájú ọjọ́ kìíní, kí ẹ da ọjọ́ 3 tó kẹ́yìn nínú rósítà àtijọ́ kọ sí i, kí fọ́múlà méjì tó kẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Fọ́múlà àkọ́kọ́ nìkan ni kí ó fo àwọn òpó náà, kí ó má baà ka òru àtijọ́ mọ́ tuntun.

Òkùn Títọ́

Mo gbọ́ ti wákàtí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fún ènìyàn ní ọjọ́ 2 lẹ́yìn òru ní gbogbo ìgbà, ǹjẹ́ ènìyàn á tó lórí iṣẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán? Èyí gan-an ni mo fi fẹ́ràn òru 7, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó san ọjọ́ ìsinmi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìbéèrè tó yẹ nìyí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ gbé e wá. Ìdì òru ló ń ná yín ní ọjọ́, kì í ṣe iye òru. Ẹ mú ẹni tó ní òru 6 àti ọjọ́ ìsinmi 8 nínú ọ̀sẹ̀ 4. Bí ẹ bá tú òru 6 náà ká ní ẹyọ-ẹyọ, ìdì 6 ni, ọjọ́ 12 ni wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ 8 péré ló ní. Bí ẹ bá dì í ní méjì-méjì, ìdì 3, ọjọ́ 6 á lọ, 2 péré á kù fún un láti fi ṣe ohun tirẹ̀. Bí ẹ bá dì í ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìdì 2, ọjọ́ 4 á lọ, 4 á sì kù. Òru 3 kò tíì pọ̀ jù fún ara, kò sì jẹ ìsinmi tán. Ìdì mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ni mo ń lò. Mo gbà pé àwọn kan fẹ́ràn méjì-méjì, pàápàá àwọn tó ní ọmọ kékeré, mo sì máa ń ṣe é fún wọn bí wọ́n bá mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi tó kù fún wọn á kéré.

Oorun Kò Tó

Ó tún ku ọ̀rọ̀ òru òpin ọ̀sẹ̀ o. Iye òru wa lè dọ́gba, kí ó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni tèmi nígbà gbogbo.

Onífọ́múlà

Ẹ fi òpó mìíràn kà á lọ́tọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ka òru òpin ọ̀sẹ̀ kan sí òru kan àbọ̀. Kò dára tó lójú tèmi, nítorí pé ẹni tó ṣe òru òpin ọ̀sẹ̀ púpọ̀ á wá ní òru díẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè wo òǹkà náà kí ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Alábòójútó Wọ́ọ̀dù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun 2 ló kù tí mo fẹ́ mọ̀. Àwọn ènìyàn mi máa ń pààrọ̀ òru láàárín ara wọn lẹ́yìn tí rósítà bá ti jáde, orúkọ ta ni kí n kọ òru náà sí? Èkejì, àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n bí aláboyún àti ẹni tí dókítà dá dúró kò ti ń ṣe òru, kí wọ́n máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹni tó ṣe òru ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹni tó fi sílẹ̀ ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí ìpààrọ̀ kankan má sì dúró títí ẹ ó fi yẹ ọjọ́ 3 ṣáájú àti ọjọ́ 3 lẹ́yìn rẹ̀ wò fún ẹni méjèèjì, nítorí pé àwọn tó ń ṣe pààrọ̀ máa ń wo òru náà nìkan, wọn kì í wo iṣẹ́ àárọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, n kò fara mọ́ ọn. Ìdí ìlera ni wọ́n fi yọ wọ́n kúrò nínú òru, kì í ṣe ojúrere tí wọ́n máa san padà. Ìpín tiwọn nínú òpin ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n ṣe, bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ẹyẹ Òru

Ma, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, bí dókítà wọn bá gbà. Àwọn yòókù ló gbé òru wọn. Bí wọn kò bá fi nǹkan kan rọ́pò, ìkùnsínú á wà, orí aláboyún náà gan-an ni yóò sì já sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo mọ̀ pé ìkùnsínú máa ń wà. Bí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ fi kún un, mo lè gbà. Kí rósítà fi dandan mú un ni n kò lè fọwọ́ sí.

Alábòójútó Wọ́ọ̀dù

Màá bi àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí àwọn yòókù níbẹ̀. Mo sì ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa olórí òru karùn-ún, ó ní kí ẹni tí a bá yàn kọ́kọ́ tẹ̀ lé olórí kan fún òru díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta. Ṣé kí n ka àwọn òru ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ́ òru rẹ̀, nígbà tí kò sí nínú àyè 56?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kà á. Kò sùn ní òru náà, ìsinmi wákàtí 48 sì tọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lórí iṣẹ́ gan-an. Bí ẹ kò bá kà á, ẹ ó rí i pé ẹni tó gbà láti kẹ́kọ̀ọ́ ni òru rẹ̀ á pọ̀ jù nínú rósítà yẹn, ẹni kẹfà tí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀.